Wọ́n fún ṣọ́ọ̀bù yín ní ìràwọ̀ kan lórí Google Maps: bí ẹ ó ṣe fèsì tí oníbàárà ọ̀la kò fi ní sá

Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ burúkú sábẹ́ orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín ti sọ tinú rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó má yà lọ́dọ̀ yín mọ́ láéláé. Obìnrin mìíràn ni ẹ máa bá sọ̀rọ̀ bí ẹ bá ń fèsì: ẹni tó wà nínú bọ́ọ̀sì láti Ọ̀ṣòdì ní ìrọ̀lẹ́ yìí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra léèsì ní Bàlógùn, tó ń wá arańṣọ ní Súrùlérè, tó tẹ orúkọ yín, tó sì já lu ìràwọ̀ kan yẹn. Kò mọ̀ yín, kò mọ ẹni tó bú yín. Ẹ̀sùn yẹn àti èsì yín nìkan ló wà lójú fóònù rẹ̀. Ó fẹ́ mọ irú èèyàn tí ẹ jẹ́ bí iṣẹ́ bá bàjẹ́.

Ẹ̀sùn tó le jù láti dá lóhùn ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò, ìyẹn èyí tí òótọ́ àti irọ́ jọ wà nínú rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ òótọ́, ẹ ó bẹ̀bẹ̀, ẹ ó sì tún iṣẹ́ ṣe. Bí ó bá jẹ́ irọ́ pátápátá, ọ̀nà tirẹ̀ kúrú, màá kàn án nísàlẹ̀. Àdàlù ló máa ń sọ èèyàn jẹ́jẹ́ di oníjà, torí irọ́ kékeré inú rẹ̀ ló máa ń ta wá lára jù, a ó wá máa lé irọ́ yẹn kiri títí a ó fi gbàgbé òótọ́ ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ṣọ́ọ̀bù arańṣọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ó wà lágbègbè Adéníran Ògúnsànyà, tí oníbàárà kan sì kọ báyìí:

"Ẹ má gbé aṣọ yín lọ síbẹ̀ o! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìgbéyàwó àbúrò mi ni mo ti gbé léèsì mi fún wọn. Wọ́n ní Ọjọ́bọ̀ ni n ó gbà á. Àárọ̀ Sátidé, aago mẹ́jọ kọjá, ni ọmọ dìsípáàṣì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dé, apá bùbá sì fún mi pinpin. Mo pè wọ́n títí lálẹ́ Jímọ̀, wọn ò gbé e. Wọ́n tún jí léèsì mi tó ṣẹ́kù. Olè paraku!"

Ẹ tú ẹ̀sùn náà palẹ̀ kí ẹ tó tẹ lẹ́tà kan

Ẹ mú ìwé tí ẹ ń kọ iṣẹ́ sí, ẹ ṣí ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin àti oníbàárà jọ sọ lórí WhatsApp, ẹ bi ọmọṣẹ́ tó gé aṣọ náà léèrè, kí ẹ sì pe ẹni tó gbé e lọ. Ẹ kọ ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan sórí ìlà tirẹ̀, kí ẹ wá kọ ọ̀kan nínú mẹ́ta sí iwájú rẹ̀: òótọ́, irọ́, tàbí a ò tíì mọ̀. Bó bá ṣeé ṣe, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn jù má dá ṣe é. Ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ tí kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀ máa ń rí òótọ́ tí ojú tiwa ń fò.

Nínú àpẹẹrẹ wa, ohun tó jáde nìyí. Ọjọ́bọ̀ ló wà nínú ìwé lóòótọ́, Sátidé ni aṣọ sì dé. Ìwọ̀n ọdún tó kọjá tó wà nínú ìwé ni ọmọṣẹ́ fi gé bùbá, kò sẹ́ni tó tún un wọ̀n. Fóònù ṣọ́ọ̀bù kú lálẹ́ Jímọ̀, torí iná ò sí, ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan ni wọ́n so mọ́ jẹnẹrétọ̀. Ti olè jíjà nìkan ni irọ́: léèsì tó kù, yáàdì kan àtààbọ̀, wà lórí pẹpẹ nínú ọ̀rá tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí lára.

Ṣùgbọ́n ẹ wo irọ́ yẹn dáadáa. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé léèsì ṣẹ́kù. Ní Èkó tí a wà yìí, bí arańṣọ bá dákẹ́ lórí ìyókù aṣọ, ohun kan ṣoṣo ló máa ń wá síni lọ́kàn. Nítorí náà ohun tó rò kò tọ́, ṣùgbọ́n àwa la fún un láyè láti rò ó. Ẹni tó bá rí èyí kó tó kọ èsì, ohùn rẹ̀ á yàtọ̀ láìjẹ́ pé ó fagídí rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀.

Wákàtí tí ẹ kà á kì í ṣe wákàtí tí ẹ máa dá a lóhùn. Bí inú bá ń bí yín, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ síbòmíràn nínú fóònù, kì í ṣe sínú àpótí ìdáhùn fúnra rẹ̀, torí ìka lè ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ jáde. Lójú tèmi, ọjọ́ kejì ló dára jù. Bó bá ti ń di ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó ń kọjá á ti gbà pé ẹ ò rí nǹkan sọ ni.

Ẹ kọ́kọ́ pe oníbàárà náà

Kí gbogbo ayé tó rí èsì yín, kí òun fúnra rẹ̀ ti gbọ́ ohùn yín. Kò ní láti gùn: "Ẹ káàárọ̀ mà. A rí ohun tí ẹ kọ. Léèsì yín tó kù wà lọ́dọ̀ wa, a fẹ́ gbé e wá fún yín. A sì fẹ́ gba bùbá yẹn ká tún apá rẹ̀ ṣe, a ò ní gba kọ́bọ̀. Ìgbà wo ló máa rọ̀ yín lọ́rùn?" Bó bá bú yín lórí fóònù, ẹ gbọ́ ọ tán. Bí kò bá gbé e, ẹ fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fi í sílẹ̀.

Ẹ má bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ ohun tó kọ. Bí ẹ bá bẹ̀ ẹ́, ó lè padà lọ fi kún un pé "wọ́n ti ń pè mí kí n yọ ọ́," èyí á sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ má sì fi owó, ẹ̀dínwó tàbí ẹ̀bùn lọ̀ ọ́ nítorí kó lè yí i padà. Òfin Google kọ̀ ọ́. Owó tí ẹ bá dá padà nítorí pé iṣẹ́ bàjẹ́ yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ dá a padà yálà ó yọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tàbí kò yọ ọ́. Àti pé kì í ṣe ojú rere lẹ ń ṣe fún un. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 lórí ààbò oníbàárà fún ẹni tó sanwó iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ tó parí lásìkò, àti sí kí wọ́n tètè sọ fún un bí ìdádúró tí kò ṣeé yẹ̀ bá wáyé.

Irú èsì tó máa ń lé èèyàn

Ká ní ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù wa kọ eléyìí:

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ má bínú bí ẹ bá rò pé a pẹ́. Gbogbo Èkó ló mọ̀ pé kò síná lọ́sẹ̀ yẹn, epo ti wọ́n, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì kọjá agbára wa. Ní ti bùbá, ẹ ti sanra sí i láti ọdún tó kọjá tí a ti wọ̀n yín, ẹ ò sì sọ fún wa. Ẹ rántí pé ẹ ṣì jẹ wá ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà. Ó ti pẹ́ tí a ti ń ṣiṣẹ́ yìí, a ò jí aṣọ ẹnikẹ́ni rí, Ọlọ́run rí wa. Ẹni tó bá purọ́ mọ́ wa, Ọlọ́run á dá a lóhùn."

Ó ṣeé ṣe kí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ jẹ́ òótọ́, ibẹ̀ gan-an ni ewu wà, torí ẹni tó kọ ọ́ á máa rò pé òun gbèjà ara òun. Ẹ jẹ́ ká fi ojú obìnrin inú bọ́ọ̀sì yẹn kà á.

"Bí ẹ bá rò pé a pẹ́" ló kọ́kọ́ rí. Sátidé kì í ṣe Ọjọ́bọ̀, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń rò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ka ti iná, epo àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Òun náà ń gbé Èkó, ó mọ̀ pé gbogbo èyí á ṣì wà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí náà ohun tí àwáwí yẹn sọ fún un ni pé aṣọ tirẹ̀ náà á pẹ́. Ìdí tí nǹkan fi bàjẹ́ wúlò fún oníbàárà kìkì bí ó bá jẹ́ ohun tí ẹ lè yí padà.

Ti sísanra yẹn ló burú jù lọ. Kò sí obìnrin tó máa kà á tí kò ní ronú pé wọ́n lè sọ̀rọ̀ ara òun náà báyìí ní gbangba. Àní bí ìwọ̀n bá fi hàn bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ìwọ̀n oníbàárà, gbèsè rẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀ àti àwòrán ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ lórí WhatsApp kò gbọ́dọ̀ dé ojú ìwé yẹn. Ìtìjú nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀, òfin orílẹ̀-èdè yìí tó ń dáàbò bo àlàyé nípa ara ẹni, ti ọdún 2023, wà nílẹ̀. Bí ó bá jẹ yín lówó, ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ orí fóònù.

Ìbúra ló kù. Ẹni tí léèsì wà lórí pẹpẹ rẹ̀ kò ní láti fi Ọlọ́run búra, ó kàn máa sọ ibi tó wà ni. Àdúrà "Ọlọ́run á dá a lóhùn" sì jẹ́ èpè tí a fi aṣọ bò, kò sí Yorùbá tí kò ní gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Èsì tó lè dúró

Èyí ni mo máa kọ fún ọ̀ràn kan náà:

"Ẹ káàsán mà. Ọjọ́bọ̀ la ṣèlérí aṣọ yín, àárọ̀ Sátidé, ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an, ló dé. Àwa la jẹ̀bi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ìwọ̀n àtijọ́ la fi gé bùbá, a ò tún yín wọ̀n, ìdí nìyẹn tí kò fi bá yín mu. A ó tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ó yẹ ká gbé ìpè yín lálẹ́ Jímọ̀, a ò sì gbé e. Léèsì yín tó kù, yáàdì kan àtààbọ̀, wà ní ṣọ́ọ̀bù nínú ọ̀rá tí orúkọ yín wà lára rẹ̀. Ó yẹ ká ti sọ fún yín lọ́jọ́ tí aṣọ dé. A ti ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp ká lè gbé e wá síbi tó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Láti ìsinsìnyí lọ, a ó máa wọn gbogbo oníbàárà lákọ̀tun ká tó gé aṣọ, bí wọ́n bá tiẹ̀ ti rán aṣọ lọ́dọ̀ wa rí."

Kí ẹ wá fi orúkọ ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù sí ìsàlẹ̀. "Àwọn alábòójútó" kì í bẹ èèyàn, èèyàn ló ń bẹ èèyàn.

Ẹ wo bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Bí èsì bá gùn, ìlà díẹ̀ ló máa ń hàn lórí fóònù kí ẹni tó ń kà á tó tẹ "More", ọ̀pọ̀ kì í sì tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà ìlà àkọ́kọ́ ni òótọ́ tó wúwo jù gbọ́dọ̀ wà. Bí ẹ bá fi "a dúpẹ́ pé ẹ bá wa sọ̀rọ̀, ìtẹ́lọ́rùn yín ló jẹ wá lógún" kún ibẹ̀, ẹni tó ń kọjá kò ní rí nǹkan kan.

Ẹ wo ti olè yẹn náà. Ọ̀rọ̀ "olè" kò sí nínú èsì yín rárá. Bí ẹ bá kọ "a kì í ṣe olè," ọ̀rọ̀ burúkú yẹn á di ẹ̀ẹ̀mejì lójú ìwé yín, ẹ̀yin lẹ sì kọ ìkejì. Ibi tí léèsì wà, iye yáàdì rẹ̀, àti ọ̀rá tó ní orúkọ tó nǹkan. Ẹni tó kà á á fúnra rẹ̀ sọ pé, "Áà, wọn ò jí i nígbà náà." Ohun tí èèyàn fúnra rẹ̀ parí èrò sí ló máa ń dì mú. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e, pé ó yẹ ká ti sọ fún yín, ni kò jẹ́ kí àtúnṣe náà dà bí ẹni ń pe oníbàárà ní òpùrọ́. Irọ́ tó kan ọkàn ẹni tó ń bọ̀ nìkan ni kí ẹ tún ṣe. Bó bá jẹ́ aago méje ààbọ̀ ni aṣọ dé, tí òun sì kọ aago mẹ́jọ kọjá, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá ń jà lórí ìṣẹ́jú ti pàdánù ọjọ́ méjì.

Ẹ bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. "Ẹ má bínú" nígbà mẹ́rin nínú èsì kan máa ń dà bí ẹni tí kò mọ ohun tó ṣe. "Mà" náà, ẹ̀ẹ̀kan tó, torí bó bá wà ní ìparí gbogbo gbólóhùn, etí oníbàárà lè gbọ́ ọ bí ẹ̀fẹ̀. Ẹ lo "ẹ" fún un bó bá tiẹ̀ jẹ́ ọmọ tí ẹ lè bí. Ẹ yé pa òwe. Mo mọ̀ pé ó máa ń ṣe àwọn ọ̀gá àgbà bíi kí wọ́n fi ọ̀kan sí i, ṣùgbọ́n òwe ní gbangba sí ẹni tí inú ń bí, ìbáwí ló máa ń jẹ́, bí ẹ bá tiẹ̀ fi "tótó ó ṣe bí òwe" kún un. Èdè tó fi kọ ni kí ẹ fi dá a lóhùn. Ẹni tó kọ Yorùbá, tí ẹ wá da gẹ̀ẹ́sì ńláńlá bò, á rò pé ẹ ń fi ìwé hàn án ni.

Ìlérí ìkẹyìn nìkan ló nílò àròjinlẹ̀. Ẹ má kọ pé "a ò ní pẹ́ mọ́." Oṣù Kejìlá ń bọ̀, aṣọ ẹbí á kún ṣọ́ọ̀bù dé ẹnu ọ̀nà, aṣọ kan á sì pẹ́, ẹnìkan á wá lẹ ẹ̀sùn tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlérí yẹn. Ẹ ṣèlérí ohun tí ọmọṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tí ojú sì lè rí: wíwọn èèyàn lákọ̀tun, fífi ìyókù aṣọ sínú báàgì kan náà, pípe oníbàárà ní ọjọ́ kan ṣáájú bí aṣọ kò bá ní parí.

Bí ẹ̀sùn kan bá wà nínú àwọn tí ẹ kò tíì mọ̀, bíi pé ọmọṣẹ́ sọ̀rọ̀ àbùkù sí i, tí ọmọ náà sì ní òun ò sọ ọ́, ẹ má gbè lẹ́yìn ẹnì kankan ní gbangba. "Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó jáde ní ṣọ́ọ̀bù wa. A ti ń bi àwọn tó wà níbẹ̀ léèrè, a sì fẹ́ gbọ́ tẹnu yín" tó. Ẹ má kọ pé ẹ ti lé ọmọ náà lọ. Àwọn kan á káàánú rẹ̀, ẹ̀yin ni wọ́n sì máa bínú sí.

Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ fún ẹni tí kò mọ ọ̀ràn náà ní ẹ̀sùn àti èsì kó kà á. Ẹ bi í léèrè ohun méjì: kí ló ṣẹlẹ̀, àti ṣé wàá gbé aṣọ tìrẹ wá? Bó bá rẹ́rìn-ín pé ẹ fún un lésì dáadáa, ẹ tún un kọ, torí ẹ̀ṣẹ́ ló rí.

Gbígbé e jáde, àti ohun tó lè tẹ̀ lé e

Ẹni tí Google ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òun ló ni ṣọ́ọ̀bù, tàbí ẹni tí ó fún láṣẹ, ló lè fèsì. Ẹ wọlé pẹ̀lú ímeèlì tó ni ojú ìwé náà, ẹ wá orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ lọ síbi tí ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà wà, kí ẹ tẹ "Reply". Ó lè pẹ́ díẹ̀ kó tó hàn. Oníbàárà náà á gbọ́ pé ẹ ti fèsì, ó sì lè yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, sókè tàbí sísàlẹ̀. Ẹ̀yin náà lè tún tiyín kọ, ṣùgbọ́n èsì kan ṣoṣo ló wà fún ẹ̀sùn kan, kò sí ibi tí ẹ ti máa jọ jà lọ bí ti Instagram. Lórí Instagram, ẹ fèsì lẹ́ẹ̀kan lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ bá a sọ ìyókù ní kọ̀rọ̀.

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀ ní àkókò yìí: ọ̀gá á ní kí àbúrò, ọmọ ìjọ àti àwọn ọmọṣẹ́ lọ fún òun ní ìràwọ̀ márùn-ún. Google kọ̀ ọ́, ó sì lè yọ wọ́n. Ṣùgbọ́n kó tó dé ìyẹn, oníbàárà tó bá to ọ̀rọ̀ náà láti orí èyí tó tuntun jù á rí "iṣẹ́ wọn dára gan-an" mẹ́jọ tó wọlé lọ́jọ́ kan náà, yóò sì gba ẹ̀sùn yẹn gbọ́ sí i.

Bí ẹni tó kọ ọ́ kò bá jẹ́ oníbàárà yín rí, ẹ fi ẹjọ́ rẹ̀ sun Google láti ibi ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Wọ́n máa ń yọ èyí tó rú òfin wọn, bíi ọ̀rọ̀ ayédèrú, ti orogún òwò, tàbí ìhalẹ̀. Wọn kì í yọ ọ́ torí pé ẹ̀yin àti oníbàárà kò gbà lórí ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ẹ ti ń dúró, ẹ kọ ìlà méjì péré: "A wá orúkọ yín àti aṣọ tí ẹ sọ nínú ìwé wa, a ò rí i. Bó bá jẹ́ orúkọ mìíràn ni ẹ fi gbé iṣẹ́ wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wá sórí nọ́ńbà tó wà lójú ìwé yìí." Ẹ má kọ orúkọ ẹni tí ẹ fura sí.

Ní ti obìnrin oníléèsì wa, bó bá gba léèsì rẹ̀, tí bùbá sì wọ̀ ọ́, ó lè gbé ìràwọ̀ kan yẹn sí mẹ́ta, ó sì lè fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ má tún pè é nítorí ìyẹn. Ẹ ṣí èsì yín, ẹ fi gbólóhùn kan kún ìparí rẹ̀ pé ẹ ti gbé léèsì fún un, ẹ sì ti tún bùbá ṣe, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ ṣe é.